Wọ́n ní kó yọ obìnrin kan kúrò nínú fọ́tò ẹbí: ẹ bá mi wo ìtàn kúkurú yìí

Àṣàkẹ́ Akọ̀tàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mò ń kọ ìtàn kúkurú kan lọ́wọ́, ibì kan sì ti dí mi lọ́nà.

Àkànní ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, ibẹ̀ ló ti ń tún fọ́tò àtijọ́ ṣe. Ní 2022, obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ọjọ́ ìbí àádọ́ta ọdún gbé fọ́tò ẹbí kan wá bá a, dúdú-àti-funfun, èyí tí wọ́n yà ní 1971. Èèyàn méje ló wà nínú rẹ̀. Bàbá jókòó láàárín nínú agbádá, ìyálé jókòó lápá ọ̀tún rẹ̀, ọmọ mẹ́rin dúró yí wọn ká. Obìnrin kejì dúró lẹ́yìn, láàárín bàbá àti ọmọkùnrin kan tó tó ọmọ ọdún mẹ́fà, ó gbé ọwọ́ lé ọmọ náà léjìká. Oníbàárà fi ìka sí obìnrin yẹn. Ó ní: "Ẹ bá mi yọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì sí i la ó ṣe ìrántí ogún ọdún bàbá wa, mi ò fẹ́ kó wà níbẹ̀. Èmi ò sí nínú fọ́tò yìí, wọn ò tí ì bí mi." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí mo kọ tẹ̀ lé e ni pé: "Àkànní tẹ bọ́tìnnì kan, obìnrin náà sì pòórá." Ọ̀rẹ́ mi kà á, ó ní irọ́ ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ yìí, báwo ni wọ́n ṣe ń yọ èèyàn kúrò nínú fọ́tò gan-an? Níbo lọwọ́ Àkànní á ti há? Ibi tó bá há sí yẹn ni mo fẹ́ kó ti mọ ẹni tí obìnrin náà jẹ́.

Táyọ̀ Kọ̀ǹpútà

Àǹtí mi, irọ́ kọ́ lẹ kọ. Nínú Photoshop, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tún fọ́tò ṣe, ẹ ó fi ìlà yí obìnrin yẹn ká, ẹ ó lọ sí Edit, ẹ ó tẹ Content-Aware Fill, ó parí. Láti 2010 ni irú rẹ̀ ti wà nínú Photoshop. Mo ti fi yọ ọkọ̀, mo ti fi yọ ọ̀pá iná, mo sì ti fi yọ ọkùnrin kan tó ń kọjá lẹ́yìn ìyàwó níbi ìgbéyàwó. Ìṣẹ́jú méjì ni. Ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló máa wá bo ojú ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìtàn yín máa lọ.

Ìyá Ìbejì

Ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, èló lẹ máa gbà lọ́wọ́ mi? Èmi ò fẹ́ kẹ́ ẹ yọ ẹnikẹ́ni ní tèmi. Fọ́tò ìyá mi ni, ó ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì férémù. Òrùlé wa ló ń jò, ọ̀rinrin sì wọ ibi tí mo gbé e kọ́. Lánàá mo fi èékánná họ igun rẹ̀ kan, ojú fọ́tò bá gíláàsì lọ, ó ku bébà funfun. Ọkàn mi bà jẹ́ gan-an. Ṣé kí n rẹ ẹ́ sómi?

Àṣàkẹ́ Akọ̀tàn

Mà, ẹ má bínú, ìtàn ni mò ń kọ, èmi kọ́ ni mo ń tún fọ́tò ṣe. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé Bọ̀dá Fọ́tò máa ń wá síbí. Ẹ jẹ́ ká dúró dè wọ́n.

Bọ̀dá Fọ́tò

Ìyá Ìbejì, ẹ dákun, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́. Ojú fọ́tò àtijọ́ yẹn, nǹkan kan bíi gọ́ọ̀mù ló gbé àwòrán dúró lórí bébà. Tí ọ̀rinrin bá wọ̀ ọ́, á rọ̀. Tó bá tún gbẹ, á gbẹ mọ́ gíláàsì. Ẹ fi í sílẹ̀ pẹ̀lú gíláàsì rẹ̀. Ẹ gbé òun àti gíláàsì dojú bo orí ẹ̀rọ sikáánà, ẹ yà á bẹ́ẹ̀, àwòrán ìyá yín á jáde. Tí kò bá ráyè lórí sikáánà, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, kẹ́ ẹ fi kámẹ́rà yà á láti òkè, kí iná méjì máa ti ẹ̀gbẹ́ wá, kí ó má baà kọ mànà lójú gíláàsì. Òótọ́ ni pé àwọn kan máa ń rẹ ẹ́ sómi, ó sì máa ń bọ́ nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti fi àwọ̀ kùn ún lọ́wọ́, tàbí tí ojú rẹ̀ ti ya bí èyí tẹ́ ẹ họ yẹn, omi lè gbé gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹ kọ́kọ́ ní àwòrán rẹ̀ lọ́wọ́ ná.

Àǹtí Àṣàkẹ́, mo wá dé ọ̀dọ̀ yín. Inú yàrá òkùnkùn ni mo ti kọ́ṣẹ́, nígbà tó jẹ́ pẹ́ńsù àti abẹ la fi ń tún nẹ́gátíìfù ṣe. Ọ̀rẹ́ yín tọ̀nà. Táyọ̀ náà ò sì ṣìnà tán. Ká ní etí fọ́tò ni obìnrin yẹn dúró sí, tó jẹ́ pé aṣọ ẹ̀yìn sítúdíò nìkan ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ìṣẹ́jú méjì tó, kódà ẹ lè gé ẹ̀gbẹ́ yẹn dà nù. Ṣùgbọ́n àárín lẹ gbé e sí, ẹ tún gbé ọwọ́ rẹ̀ lé ọmọ léjìká. Ohun tó wà lẹ́yìn èèyàn kì í ni wá lára. Ohun tó fara kàn ló ń dá wa dúró.

Ẹ jẹ́ n bá Àkànní ṣe é. Á kọ́kọ́ yí fọ́tò náà pa dà wo ẹ̀yìn rẹ̀, torí ibẹ̀ ni òǹtẹ̀ sítúdíò máa ń wà, wọ́n sì lè fi bírò kọ ọjọ́ sí i. Á ya ojú, á ya ẹ̀yìn. Púpọ̀ nínú fọ́tò ìgbà yẹn kì í ju pósíkáàdì lọ, bí íǹṣì mẹ́ta ààbọ̀ sí márùn-ún ààbọ̀. Tó bá yà á ní 1200 dpi, ìyẹn písẹ́lì 1200 nínú íǹṣì kọ̀ọ̀kan, á rí písẹ́lì 4200 sí 6600, ìyẹn sì tó láti tẹ̀ ẹ́ jáde ní íǹṣì 14 sí 22 tí 300 bá wà nínú íǹṣì kan. Kó yà á bí ẹni ń ya fọ́tò aláwọ̀ o, bó tiẹ̀ jẹ́ dúdú-àti-funfun. Àbàwọ́n tó wà lójú fọ́tò ló ní àwọ̀, ó máa ń pọ́n bíi tíì. Kọ̀ǹpútà á pín àwòrán náà sí ọ̀nà mẹ́ta: pupa, àwọ̀ ewé, búlúù. Nínú búlúù, àbàwọ́n tíì yẹn á ṣú bo gbogbo nǹkan. Nínú pupa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí níbẹ̀ rárá. Nítorí náà, inú pupa ni Àkànní á ti ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ló sì ti máa rí obìnrin yẹn kedere ju bí oníbàárà fúnra rẹ̀ ti rí i rí lọ. Ẹni tí wọ́n ní kó pa rẹ́ ni á kọ́kọ́ mọ́ lójú rẹ̀ jù. Kì í ṣe àsọdùn, bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí.

Kò ní fọwọ́ kan fọ́tò gan-an. Á tẹ́ ewé òfìfo lé e lórí nínú Photoshop, á mú Clone Stamp, á fi Sample sí Current & Below, á wá máa bu láti ibì kan lọ lẹ ibòmíràn lórí ewé òkè yẹn. Ògiri ló máa kọ́kọ́ ṣe. Gèlè á lọ, orí á lọ. Ó lè gbà á tó ìdajì wákàtí. Èyí tó kàn ni etí agbádá bàbá. Ìró obìnrin náà tó ṣú ni etí agbádá yẹn fara kàn tẹ́lẹ̀, ògiri tó mọ́lẹ̀ ni á wá máa kàn báyìí. Tí kò bá fara balẹ̀, ìlà dúdú tín-ín-rín kan á kù sí etí aṣọ bàbá láti èjìká dé ìgúnpá. Ìlà yẹn la fi ń mọ fọ́tò tí wọ́n ti yọ èèyàn kúrò nínú rẹ̀.

Ilẹ̀ náà wà ńbẹ̀. Tí sítúdíò bá tẹ́ rọ́bà dúdú-funfun bí ojú ọpọ́n dáráfù, bátànì rẹ̀ á máa kéré sí i bó ṣe ń lọ sẹ́yìn. Tó bá bu tiwájú lọ lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn níbi tí ẹsẹ̀ obìnrin náà wà, kò ní bá a mu, ojú ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa fọ́tò pàápàá á máa lọ síbẹ̀.

Ọwọ́ ló máa gbẹ̀yìn. Ìka mẹ́rin ló hàn. Kò sẹ́ni tó mọ bí èjìká ọmọ yẹn ṣe rí lábẹ́ ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, torí kámẹ́rà ò rí ibẹ̀. Àkànní ní láti dá èjìká ṣe. Ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe ni pé ká bu èjìká kejì, ká yí i bíi ti inú dígí, ká gbé e wá. Ṣùgbọ́n apá kan ni iná sítúdíò ti ń wá. Èjìká tó wà nínú òjìji lẹ yí pa dà yẹn, ẹ wá gbé òjìji lọ síbi tí iná ti ń tàn. Á ní láti máa mú un mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kó sì máa wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà láti mọ bí iná ṣe bọ́ sílẹ̀.

Ìgbà tó bá ṣe èyí tán ló máa rí i pé iṣẹ́ ò tí ì parí. Ọwọ́ yẹn ti tẹ bùbá ọmọ náà. Aṣọ hunjọ lọ́nà mẹ́ta láti abẹ́ ìka lọ sí ọrùn. Ọwọ́ lọ, híhunjọ aṣọ ò lọ. Tí ọmọ náà bá tún fẹ̀yìn orí ti ara obìnrin yẹn, bí ọmọ ṣe máa ń ṣe pẹ̀lú ẹni tó mọ̀ ọ́n, kò sí irinṣẹ́ tó lè mú un dúró ṣánṣán. Á máa fẹ̀yìn ti afẹ́fẹ́. Wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún ni mo máa kọ sí ìtàn yẹn tó bá jẹ́ èmi, àyàfi tí Àkànní bá yára jù mí lọ.

Táyọ̀ Kọ̀ǹpútà

Ẹ ṣé, Bọ̀dá. Mo dán an wò lálẹ́ àná lórí fọ́tò ìgbéyàwó màmá àgbà mi. Mo yí ẹni àárín ká, mo tẹ Content-Aware Fill. Ó bu etí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Mo fi ọwọ́ tún ìyẹn ṣe. Ṣùgbọ́n ojú ibẹ̀ ń dán bíi páńda, ó yàtọ̀ sí ara fọ́tò yòókù, mi ò sì mọ ìdí rẹ̀.

Bọ̀dá Fọ́tò

Hóró fíìmù ni kò sí níbẹ̀. Ẹ sún mọ́ ọn, ẹ ó rí i pé gbogbo ara fọ́tò àtijọ́ rí wóróbo bíi gàrí kíkúná, ibi tẹ́ ẹ lẹ̀ nìkan ló rí bíi ẹ̀kọ. Ẹ lọ sí Filter, Noise, Add Noise, ẹ yan Gaussian àti Monochromatic, kẹ́ ẹ fi í sórí ewé òkè nìkan, díẹ̀díẹ̀ títí á fi bá ara yòókù mu. Lẹ́yìn náà ẹ mú un rọ̀ tín-ín-rín, torí hóró fíìmù kì í mú bíi ti kọ̀ǹpútà. Tẹ́ ẹ bá ṣe tán, ẹ yí gbogbo fọ́tò náà bíi ti inú dígí, ẹ kúrò nídìí rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kẹ́ ẹ pa dà wá wò ó. Ojú yín ti mọ́ ọn jù, ìyẹn ló ń jẹ́ kí ẹ̀bi sá pa mọ́ fún yín.

Olùkọ́ Ìtàn

Ọ̀rọ̀ tí Bọ̀dá sọ nípa ohun tó wà lẹ́yìn èèyàn rán mi létí fọ́tò kan tí wọ́n ya Stalin, olórí Soviet Union láyé ọjọ́un, lẹ́bàá omi odò àgbẹ́ Moscow. Nikolai Yezhov, ọ̀gá ọlọ́pàá ìkọ̀kọ̀ rẹ̀, rìn ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú fọ́tò àkọ́kọ́. Wọ́n pa Yezhov ní 1940, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò nínú fọ́tò náà, omi nìkan ni wọ́n kùn sí ojú ibẹ̀. Etí ló wà, omi ló wà lẹ́yìn rẹ̀, kò gbé ọwọ́ lé ẹnikẹ́ni. Méjèèjì ṣì wà títí dòní, ìyẹn la ṣe lè gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Àǹtí Àṣàkẹ́, ṣé Àkànní á pa fọ́tò àkọ́kọ́ mọ́?

Ọmọ Ìlá

Ẹ jẹ́ n fi kún un láti ilé wa. Oníwádìí kan, Stephen Sprague, wá sí Ìlá Ọ̀ràngún ní 1975, ó sì kọ nípa àwọn fọtógíráfà wa nínú ìwé àtìgbàdégbà African Arts ní 1978. Ó rí i pé tí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti kú kí wọ́n tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, fọtógíráfà á ya èyí tó kù nìkan, á sì tẹ àwòrán kan náà lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan, kí Táíwò àti Kẹ́hìndé lè jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Tó bá jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin ni ìbejì náà, wọ́n á ya èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì, á wọ aṣọ ọkùnrin nígbà kan, á wọ aṣọ obìnrin nígbà kejì.

Ẹ rí i pé iṣẹ́ kan náà ni. Ìlà tó wà láàárín àwòrán méjèèjì ni fọtógíráfà ń wá bó ṣe máa bò, bí Àkànní náà ṣe ń wá bó ṣe máa bo ojú ibi tó ti yọ èèyàn. Ṣùgbọ́n àwọn bàbá wa ń mú ẹni tí kò sí wọlé ni. Ẹ jẹ́ kí bàbá Àkànní jẹ́ fọtógíráfà ìbejì, kó jẹ́ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń pa ìlà rẹ́. Ìgbà tí wọ́n bá ní kó wá fi ọgbọ́n yẹn yọ èèyàn, ọwọ́ rẹ̀ máa wúwo.

Adébísí Ọmọ Ìyá Ẹ

Mi ò mọ Photoshop. Ìyá mi ni wọ́n yọ, mo sì fẹ́ sọ bó ṣe rí.

Sísọ́ọ̀sì ni wọ́n fi gé e. Fọ́tò ìkómọ mi ni, ó wà lára ògiri pálọ̀ títí mo fi tó ọmọ ọdún mẹ́jọ, lẹ́yìn tí ìyá mi kúrò nílé. Nígbà tí mo ti ilé ìwé dé lọ́jọ́ kan, ìdajì rẹ̀ ló kù nínú férémù. Bàbá mi wà níbẹ̀, wọ́n gbé mi dání. Ẹni tó gé e ò rí i pé ìyá mi fi ọwọ́ kọ́ bàbá mi lápá. Ìka méjì ṣẹ́ kù lórí aṣọ wọn, òrùka sì wà lára ọ̀kan. Mo mọ òrùka yẹn. Mo máa ń gun àga láti lọ wo ìka méjì yẹn nígbà tí kò bá sẹ́ni nílé. Fọ́tò yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Àkànní ò gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ yẹn. Kó dá owó pa dà.

Kọ́lá Ọmọ Agbo

Ẹ pẹ̀lẹ́, Àǹtí Adébísí. Ohun tí wọ́n ṣe yẹn dùn mí. Ṣùgbọ́n Àkànní kì í ṣe olórí ẹbí, oníṣẹ́ ọwọ́ ni. A ò mọ ohun tí obìnrin inú fọ́tò fojú oníbàárà rí. Àwọn kan wà tí fọ́tò ẹnì kan lórí ògiri ń dá lóró lójoojúmọ́. Tí oníbàárà bá ní òun ò fẹ́ rí i níbi ìrántí bàbá òun, ó ní ẹ̀tọ́. Kó kàn dá fọ́tò gidi pa dà fún un láìgé etí rẹ̀, kó sì fún un ní èyí tó ṣe. Ó lè jẹ́ lọ́jọ́ kan oníbàárà á fẹ́ wo ti tẹ́lẹ̀.

Adébísí Ọmọ Ìyá Ẹ

Kọ́lá, mo gbọ́. Síbẹ̀ mi ò yí ọ̀rọ̀ mi pa dà. Àmọ́ mo fẹ́ bi Àǹtí Àṣàkẹ́ léèrè ohun kan. Ẹ sọ pé oníbàárà ṣẹ̀ṣẹ̀ pé àádọ́ta ọdún ní 2022, 1971 ni wọ́n ya fọ́tò, ó sì ní wọn ò tí ì bí òun. Mo ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Obìnrin tó dúró lẹ́yìn yẹn, ṣé ẹ ti wo ikùn rẹ̀?

Àṣàkẹ́ Akọ̀tàn

Mo kà á, mo dìde nídìí kọ̀ǹpútà. Mi ò rò ó débẹ̀ nígbà tí mo kọ ọdún yẹn. Mo kàn fẹ́ kí oníbàárà má sí nínú fọ́tò ni.

Mo ti tún ibẹ̀ kọ. Ẹ bá mi wò ó:

*Inú pupa ni Àkànní ti ṣiṣẹ́, torí ibẹ̀ ni àbàwọ́n ti parẹ́. Ní aago mẹ́wàá, orí obìnrin náà àti gèlè olósùn rẹ̀ ti di ògiri. Ní aago méjìlá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti di rọ́bà dúdú-funfun. Ó fi omi bọ́jú, ó tún jókòó.*

*Ọwọ́ ló kù, àti ibi tí orí ọmọ náà ti fara tì í. Ó sún mọ́ ọn. Ọmọ náà ò fẹ̀yìn ti itan, kò fẹ̀yìn ti ẹ̀gbẹ́. Ó gbé orí lé ohun kan tó yọ síwájú lábẹ́ ìró tí wọ́n so sókè ju bó ṣe yẹ lọ. Ó wo ìyálé tó jókòó: aṣọ kan náà ni, ṣùgbọ́n ìbàdí ni ìyálé so tirẹ̀ mọ́.*

*Ó yí ẹ̀yìn fọ́tò tó ti yà sí kọ̀ǹpútà wá sójú. Òǹtẹ̀ sítúdíò ti ṣá, ṣùgbọ́n bírò ò tí ì ṣá: oṣù kẹjọ, 1971. Ó rántí káàdì ìpè ọjọ́ ìbí tí oníbàárà yọ nínú báàgì nígbà tó ń wá fọ́tò náà. Àádọ́ta ọdún, ní oṣù kìíní. Ó fi ìka kà á lórí tábìlì, láti oṣù kẹjọ títí dé oṣù kìíní.*

*Bàbá rẹ̀ máa ń sọ fún un nínú yàrá òkùnkùn pé ìlà tó wà láàárín ìbejì nìkan ni kó máa wò, kó má wo ojú wọn, torí ẹni tó bá wo ojú wọn kò ní rí ìlà. Ó gbìyànjú láti má wo ojú.*

*Ní ọjọ́ kejì ó tẹ fọ́tò náà jáde ní kékeré. Oníbàárà wò ó pẹ́. Èèyàn mẹ́fà. Ó gbé ìka rẹ̀ lé èjìká ọmọkùnrin náà.*

*"Kí ló hunjọ níbí?"*

*"Ọwọ́ wọn ni, mà. Mo yọ ọwọ́, aṣọ ò nà."*

*"Ẹ lè nà án?"*

*"Mo lè nà án. Orí ọmọ yẹn ni mi ò lè ṣe ohunkóhun sí. Ẹ̀yin ló fẹ̀yìn tì."*

*Ìka rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀.*

Kọ́lá Ọmọ Agbo

Àǹtí, ó wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n ó dà bíi pé Àkànní ò yẹ kó sọ gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn. Ó fi ẹnu gba nǹkan tí obìnrin yẹn ti mọ̀ láti àádọ́ta ọdún. Ẹ jẹ́ kó dákẹ́.

Adébísí Ọmọ Ìyá Ẹ

Kó sọ ọ́. Ó ṣeé ṣe kó má mọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún èmi náà ìdí tí ìyá mi fi lọ. Bóyá wọ́n kàn sọ fún un pé obìnrin yẹn já a sílẹ̀, kò sì fi ojú ara rẹ̀ wo fọ́tò náà dáadáa rí.

Bọ̀dá Fọ́tò

Ọ̀rọ̀ ẹnu Àkànní, mo fi sílẹ̀ fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀wé kọ. Tèmi ni fọ́tò. Ohun méjì péré.

Ẹ kọ "gèlè olósùn". Dúdú-àti-funfun ni fọ́tò yìí, Àkànní ò lè mọ̀ bóyá osùn ni àbí aró, ó ṣú díẹ̀ ju ìró lọ nìkan ló lè sọ. Inú pupa tó ń wò kò sì ní í sọ ọ́ fún un, àwọ̀ àbàwọ́n ni ìyẹn ń bá jà, kì í ṣe àwọ̀ aṣọ.

Èkejì, èèyàn mẹ́fà ló kù, àyè obìnrin náà sì ṣí sílẹ̀ gbayawu láàárín bàbá àti ọmọ. Gbogbo oníbàárà mi ló máa ń bèèrè pé kí n sún àwọn yòókù mọ́ra. Tí tiyín náà bá bèèrè, Àkànní á gé ọmọ yẹn, á sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga bàbá, bátànì ilẹ̀ á sì já lábẹ́ bàtà rẹ̀, iṣẹ́ wákàtí méjì mìíràn nìyẹn. Tí kò bá bèèrè, ó yẹ kí Àkànní ṣàkíyèsí pé kò bèèrè.

Àṣàkẹ́ Akọ̀tàn

Mo ti yọ osùn kúrò. Kò bèèrè, Bọ̀dá. Mo ń kọ ibẹ̀ lọ́wọ́ báyìí.

Ìyá Ìbejì

Bọ̀dá Fọ́tò, mo gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe fotokọ́pì lẹ́bàá ilé wa, pẹ̀lú gíláàsì rẹ̀ bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní sikáánà. Ojú ìyá mi jáde. Igun tí mo họ yẹn funfun ṣì ni, ṣùgbọ́n ìgúnpá nìkan ló bá a lọ.